Ìtàn Hóró Ilá Kan fún Àwọn Ọmọ Tó Fẹ́ Sùn

Ìtàn irúgbìn tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ fún ọmọ kó tó sùn kì í pẹ́ tán. Àgbẹ̀ gbin hóró, òjò rọ̀, hóró hù, ó dàgbà, ó so, gbogbo ilé jẹ ẹ́, ó parí. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ọmọ ti lè béèrè pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín "hóró hù" àti "ó so" yẹn ni gbogbo adùn rẹ̀ wà. Ìtàn tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó parí. Hóró ilá kan ṣoṣo ló dá lé, a kì í sì í sọ ju ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ lálẹ́ kan. Ilá náà wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójúde ní tòótọ́. Òru kan péré ni ìtàn fi ń ṣáájú rẹ̀: ohun tí a bá sọ lálẹ́ ni ọmọ yóò lọ wò láàárọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí ilá ṣe ń ṣe, torí pé ọmọ tó bá jí lọ síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò rí ohun tí wọ́n sọ fún un kò ní gbọ́ ti alẹ́ ọjọ́ kejì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilá? Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọmọ. Wọ́n á fi òwú tútù sínú ife, wọ́n á fi ẹ̀wà mẹ́ta sí i, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀wà á ti hù. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n òwú kò ní oúnjẹ nínú. Nígbà tí ẹ̀wà bá jẹ oúnjẹ tó bá a wá nínú hóró tán, á rọ, wọ́n á dà á nù, ọmọ á sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irúgbìn parí sí. Àgbàdo kò ní òdòdó tí ọmọdé lè tètè dá mọ̀. Ata máa ń pẹ́. Ní ti ilá, hóró rẹ̀ tóbi tó láti fi ìka méjì mú, òdòdó rẹ̀ fẹ̀, èso rẹ̀ sì ni ọmọ ti ń bá àmàlà jẹ láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú.

Ilá kò rí bákan náà ṣá o. Oríṣi kan wà tó ń tètè so, tó lè tanná kí oṣù méjì tó pé. Òmíràn wà tó ń ga gan-an, tí igi rẹ̀ ń le, tí kì í tanná títí ọ̀sán yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú nígbà tí òjò bá ń lọ sópin. Ẹni tó bá gbin oríṣi kejì yìí lóṣù kẹta lè máa wo ewé títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ọmọ kankan kò sì lè fara da ìtàn tó dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irúgbìn pé èyí tó tètè ń so lẹ fẹ́. Ẹ má mú hóró inú ilá ọbẹ̀. Hóró funfun tó rọ̀ yẹn kò tíì gbó, kò lè hù.

Bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́ ni mo fi ń sọ ọ́, nítorí àlọ́ àpagbè ní ègbè, ègbè sì ni kì í jẹ́ kí ọmọ fi etí lásán gbọ́. Mo máa ń béèrè pé, "Hóró ilá, ibo lo dé?" Àwọn ọmọ ni yóò dáhùn fún un. Ìdáhùn wọn kì í dúró sójú kan, ohun tí wọ́n rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń fi dáhùn. Ní ọjọ́ kan wọ́n á ní, "Mo wà nínú omi." Ní ọjọ́ mìíràn wọ́n á ní, "Mò ń lọ sísàlẹ̀." Èmi kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba hóró tàbí pé ó ń ṣàárò ìyá rẹ̀. Ìjàpá lè ṣe gbogbo ìyẹn nínú àlọ́ tirẹ̀. Ohun tí hóró ń ṣe gan-an tó pani lẹ́nu mọ́, kò sídìí tí a ó fi yá a ní ìwà ènìyàn.

Alẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ alẹ́ omi. Ẹ fi hóró márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kó lè rí i bó ṣe dúdú díẹ̀, bó ṣe róbótó, bó ṣe le. Ẹ sọ fún un pé ewé méjì wà nínú rẹ̀ tí a ká pọ̀, pé ṣóńṣó gbòǹgbò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí hóró náà ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ, wọn kò sì lè ṣe nǹkan kan títí wọn yóò fi mumi. Kó fúnra rẹ̀ ju mẹ́rin sínú ife omi, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ ní gbígbẹ. Láàárọ̀, kó fi méjèèjì wéra. Èyí tó sun inú omi ti wú, èyí tó gbẹ ṣì wà bó ṣe wà. Òru kan ti tó. Bí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ nínú omi, kò ní rí atẹ́gùn mí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbìn wọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó gba bí lítà 10 tó, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹ po ilẹ̀dú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ tó ti di erùpẹ̀, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á fún bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Ẹ gbin hóró mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ihò rẹ̀ jìn tó oríkèé kan nínú ìka ọmọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ọmọ á bi yín pé ṣebí hóró kan ni ìtàn dá lé. Ẹ sọ òtítọ́ fún un: a kò tíì mọ èyí tí yóò hù nínú wọn. Èyí tó bá lágbára jù lọ ló máa ni ìtàn.

Hóró kẹrin ni yóò jẹ́ kí a rí abẹ́ ilẹ̀. Ẹ gé orí ike omi tó mọ́ gaara kúrò, ẹ bu ilẹ̀ kún un, ẹ fi hóró náà sí àárín ilẹ̀ àti ara ike kí ojú lè tó o láti ìta. Ẹ fi aṣọ dúdú yí ike náà ká, nítorí inú òkùnkùn ni gbòǹgbò ń gbé. Ẹ ṣí aṣọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì dà á padà.

Àwọn alẹ́ abẹ́ ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń jáde lára hóró kì í ṣe ewé. Gbòǹgbò ni, ó funfun, kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ, ìsàlẹ̀ ló sì ń forí lé. Ọmọ máa ń rò pé òkè ni hóró máa kọ́kọ́ lọ, ó ṣe tán, òkè ni oòrùn wà. Ẹ jẹ́ kó mọ ìdí rẹ̀: omi tó mu nínú ife kò ní pẹ́ tán, bí kò bá tètè rí omi mìíràn nínú ilẹ̀, ewé tó bá yọ síta á kàn gbẹ ni.

Báwo ló ṣe wá mọ ìsàlẹ̀ nínú òkùnkùn? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí alẹ́ kan dá lé. Lálẹ́ náà, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ ike náà lélẹ̀, kí ẹ fi òkúta tì í kó má baà yí. Gbòǹgbò tó ti ń lọ sísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kó tó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣóńṣó gbòǹgbò ti tẹ̀, ó tún ti forí lé ìsàlẹ̀ tuntun. Nínú ṣóńṣó yẹn ni àwọn ẹ̀rún sítáàṣì kéékèèké wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n wúwo, nítorí náà wọ́n máa ń rọ̀ jọ sí apá tó bá wà nísàlẹ̀. Bí a bá yí gbòǹgbò, wọ́n á yí, ibi tí wọ́n bá rọ̀ sí ni gbòǹgbò fi ń mọ ọ̀nà. Alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo bá béèrè pé, "Hóró ilá, ibo lo dé?", ariwo ni wọ́n fi ń dáhùn.

Lẹ́yìn gbòǹgbò ni igi yóò wá gòkè, kì í sì í fi orí lu ilẹ̀. Á tẹ ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni yóò ṣáájú, á máa fa ewé méjì tó ká lẹ́yìn rẹ̀ jáde, bí ẹni tó gbé ẹrù tó ń fẹ̀yìn wọ ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré. Bí ó bá fi orí lu ilẹ̀ ni, ibi tí gbogbo ewé ọjọ́ iwájú yóò ti yọ á ha. Bí ọrùn bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ni yóò nà tóntó, tí ewé méjì náà yóò sì là. Ní àsìkò tí ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 4 sí 7 lẹ́yìn tí a gbìn ín. Lásìkò ọyẹ́, tí òru tutù, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí èèpo hóró á lẹ̀ mọ́ orí ewé, tí kò ní jẹ́ kó là. Ọmọ á fẹ́ fà á yọ. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ewé á ya. Kó kán omi sí i lórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èèpo á rọ̀, ewé á sì fúnra rẹ̀ tì í dànù.

Bí ọjọ́ 10 bá kọjá tí nǹkan kan kò yọ, ẹ má sọ fún ọmọ pé hóró ṣì ń sùn. Ẹ bá a wú u wò. Bí hóró bá ti rọ̀, tó ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ó ti jẹrà. Bí ó bá le bí èyí tí a fi sílẹ̀ ní gbígbẹ, omi kò wọnú èèpo rẹ̀ rárá. A lè rẹ ẹ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjèèjì ló jẹ́ ìtàn tó ṣeé sọ lálẹ́.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá hù, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kò lè bọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ga tó ìka, ẹ yan èyí tí igi rẹ̀ nípọn jù, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé àwọn yòókù ní ìdí. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra. Ilá kì í fẹ́ ká máa lọ́ gbòǹgbò rẹ̀ káàkiri, ìdí náà nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń gbìn ín síbi tó máa dàgbà sí. Ọmọ kan bá mi jiyàn gidigidi lórí gígé yìí. Mo jẹ́ kó bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún ọjọ́ díẹ̀ sí i kí òun fúnra rẹ̀ tó yan èyí tí yóò kù.

Ewé méjì àkọ́kọ́ róbótó, etí wọn dán. Èyí tó tẹ̀ lé wọn kò jọ wọ́n. Etí rẹ̀ rí wájawàja, bí òmíràn sì ti ń yọ ni wọ́n ń ya bí àtẹ́lẹwọ́ tó ní ìka. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ náà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wà nínú hóró láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ilá fúnra rẹ̀ ló ṣe wọ́n láti inú omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, méjì àkọ́kọ́ á pọ́n, wọ́n á sì já bọ́. Kì í ṣe àìsàn.

Àìsàn tó yẹ kí a ṣọ́ ni èyí tó ń mú ilá kékeré ní ìdí. Bí ilẹ̀ bá ń rin gbingbin nígbà gbogbo, igi rẹ̀ á dúdú níbi tó ti pàdé ilẹ̀, á tínrín bí òwú, á sì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bu omi. Bí ó bá ṣubú, mo rọ̀ yín, ẹ má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lóru kí ọmọ má baà mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ti èyí parí síbí, kí ẹ sì tún rẹ hóró mìíràn sínú omi. Ihò kéékèèké lára ewé kì í ṣe ohun tó ń pa á lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò dídán kan tí kò tó hóró ìrẹsì ló ń ṣe é, tó máa ń ta pọ́ún bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń wọ́n eérú sí ewé nítorí rẹ̀. Kòkòrò yìí máa ń gbé àrùn láti ara ilá kan dé ara òmíràn: bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n ìyeyè àti àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ra, ilá náà lè so, ṣùgbọ́n kò ní so dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí kò sí nǹkan tuntun. Ilá kàn ń ga, ó kàn ń rúwé. Kí ìtàn sinmi nígbà yẹn, kí ẹ pa àlọ́ Ìjàpá. Ẹni tó bá fẹ́ fi dandan sọ nǹkan nípa ilá lálaalẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Ẹ kàn ní kí ọmọ máa yẹ abẹ́ ewé wò, níbi tí igi ewé ti so mọ́ igi ńlá. Ibẹ̀ ni yóò ti rúdi.

Ìrúdi ilá kéré púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìka ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló sì yí i ká. Ó lè gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di òdòdó. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń sọ ìtàn máa ṣọ́ lójoojúmọ́ ni orí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò là, ìrúdi á gùn, èèpo rẹ̀ á ya ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ ìyeyè á sì yọ ṣóńṣó síta. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ mọ̀ pé alẹ́ náà ti dé. Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Kí ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀ láàárọ̀, tó ń ká a ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sì ní tẹ́ ẹ mọ́ láé?" Mi ò kì í já a fún wọn. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n jí ní kùtùkùtù.

Ní kùtùkùtù, òdòdó ti ń là. Awẹ́ márùn-ún ló ní, aláwọ̀ ìyeyè tó mọ́ rokoṣo, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì dúdú bí àlùkò. Ọ̀pá kan dúró ní àárín rẹ̀. Ara ọ̀pá náà kún fún eruku ìyeyè tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ní orí rẹ̀ gan-an ni àwọn bọ́tìnnì kéékèèké pupa wà. Kí ọmọ ka bọ́tìnnì náà kó tó lọ sílé ìwé, kó sì kọ iye rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Ó sábà máa ń wà láàárín 5 sí 9. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn.

Eruku yẹn gbọ́dọ̀ dé orí bọ́tìnnì kí ilá tó lè so. Oyin máa ń gbé e bó ti ń wá ohun dídùn inú òdòdó kiri, ṣùgbọ́n bí oyin kankan kò tilẹ̀ wá, eruku àti bọ́tìnnì wà nítòsí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí òdòdó kan ṣoṣo lè fi tara rẹ̀ so. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí oorun ọmọ má baà lọ, ẹ sọ ọ́ lálẹ́ bó ṣe rí: eruku tó bá bọ́ sórí bọ́tìnnì á ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sísàlẹ̀ gba inú ọ̀pá náà, títí yóò fi dé ibi tí àwọn hóró tí kò tíì di hóró ń dúró sí.

Kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé, òdòdó ti ń ká. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ́ pọ̀, ó ti rọ. Ọmọ máa ń sunkún níbí. "Màmá, ó ti kú." Mi ò kì í sọ pé kò kú, nítorí àwọ̀ ìyeyè yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kò ní là mọ́. Mo máa ń ní kó dúró di ọ̀tunla. Nígbà náà, awẹ́ á já bọ́, ohun kékeré kan tó ní irun á sì kù nídìí rẹ̀, tó ṣonṣo lórí, tó ní igun. Kò sí ọmọ tó ń jẹ ilá tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ ọ láti fi ojú mọ ìyàtọ̀ kan: bí awẹ́ nìkan bá bọ́, ilá ti gbà, bí òdòdó bá bọ́ tòun ti igi rẹ̀ kékeré, kò gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ilẹ̀ gbẹ jù tàbí oòrùn mú jù. Kò burú. Òdòdó mìíràn á là láìpẹ́, nídìí ewé tó tẹ̀ lé e.

Èso ilá máa ń yára débi tí ọmọ lè fojú rí i. Ẹ fún un ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kó máa fi ṣòdiwọ̀n ilá ní ìrọ̀lẹ́, kó sì máa sàmì sí i. Ní ọjọ́ 4 sí 6 lẹ́yìn òdòdó, ó ti tó já. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò: bí ó bá dá pọ́kí, ó ṣì jẹ́ ọbẹ̀, bí ó bá tẹ̀ tí kò dá, ó ti kó. Ọmọ kì í gbàgbọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì títí yóò fi rí i.

Ọbẹ̀ ilá àkọ́kọ́ ní alẹ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ gé ilá náà ní ìbú, kí ọmọ ka yàrá tó wà nínú rẹ̀. Kó wá mú kàlẹ́ńdà wá. Iye bọ́tìnnì pupa tó kà nínú òdòdó àti iye yàrá yìí sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ ti yàrá kan. Mo ti rí ọmọ tó dìde lórí ẹní láti tún un kà. Bí ilé bá fẹ́ràn ìlasa, ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ náà ṣeé sè, ṣùgbọ́n ẹ má já a tán. Alẹ́ yìí náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ilá yìí bá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, pé ní Báhíà ní ilẹ̀ Brasil, tó bá di ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń fi ilá àti epo pupa se karurú, ọmọdé méje sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún jẹ ní orúkọ àwọn ìbejì.

Ilá kan gbọ́dọ̀ wà tí a kò ní já. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Igi tó bá ti ń gbọ́ bùkátà hóró tó ń gbó máa ń dín òdòdó kù, nítorí náà ẹ já àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ, kí ẹ wá so òwú pupa mọ́ ọ̀kan lẹ́yìn náà. Èyí yóò gùn, yóò le, yóò sì di àwọ̀ igi gbígbẹ. Ó lè gba bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti ọjọ́ òdòdó rẹ̀. Bí ọmọ bá mì í tó ń dún, tí igun rẹ̀ sì ń là, ẹ gé e. Lásìkò òjò, ẹ má jẹ́ kó là tán lórí igi, omi á wọ inú rẹ̀, hóró á bu. Ẹ là á sórí àwo, kí ọmọ ka hóró inú rẹ̀. Ó lè ju 50 lọ, gbogbo wọn dúdú díẹ̀, róbótó, wọ́n sì le bí èyí tó dì mú ní alẹ́ omi. Ẹ sá wọn síbi tí oòrùn kò ti ta wọ́n tààrà, kí ẹ dà wọ́n sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le.

Ìbéèrè kan ló kù tí gbogbo ọmọ máa ń béèrè lórí àwo yẹn: "Màmá, èwo ni tiwa níbẹ̀?" Kò sí níbẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti jẹrà sínú ilẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ewé méjì tó gbé wá ti já bọ́, ìyókù rẹ̀ ló di igi tó dúró lójúde. Àwọn 50 yìí jẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí ilá mìíràn bá sì wà ládùúgbò tí oyin ti ibẹ̀ wá, àwọn kan nínú wọn ní bàbá mìíràn, èso wọn lè gùn jù tàbí kí igun wọn yàtọ̀. A kò lè fi ojú mọ èyí tó rí bẹ́ẹ̀ lórí àwo. Àfi kí ẹ rẹ mẹ́rin sínú omi lálẹ́.